Bí ẹ ṣe lè tún mínìtì tí ilé ti gbà wọlé ṣe, láì fọwọ́ kan ohun tẹ́ ẹ ti kọ

Tí wọn ò bá tíì gba mínìtì wọlé, ó rọrùn, ẹ fa ìlà kan lórí àṣìṣe yẹn, ẹ kọ èyí tó tọ́ sókè ẹ̀, kí alága sáìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó parí. Èyí tí alága ti sáìnì tán ló ní wàhálà.

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fọwọ́ sí i ní 9 oṣù kẹta pé kí wọ́n yá ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦115,000, akọ̀wé wá kọ ₦150,000. Wọ́n kà á lóṣù kẹrin, kò sẹ́ni tó fura, àfi ìgbà tó di oṣù kẹfà tí tirẹ́sọ̀ rí i pé ìwé òun ò bá ti akọ̀wé mu.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀rí, fọ́ọ̀mù tẹ́ni náà fi yáwó àti ìwé owó tirẹ́sọ̀. Èmi ò kì í ju jọ́tà tí mo fi kọ nǹkan níjòókòó nù, torí irú ọjọ́ báyìí.

Ibi táwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ rèé o. Ohun tá a sọ lọ́jọ́ yẹn là ń wá, kì í ṣe ohun tá a fẹ́ báyìí. Tó bá jẹ́ pé ₦150,000 nilé fọwọ́ sí lóòótọ́, àmọ́ owó ò pé, wọ́n wá fún un ní ₦115,000, mínìtì ò ní àṣìṣe kankan nìyẹn, ìpinnu tuntun ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má pè é ní àtúnṣe.

Tó bá jẹ́ àṣìṣe ìkọ̀wé lóòótọ́, kí ẹnì kan dá àbá, kí ẹlòmíì kín in lẹ́yìn, kílé fọwọ́ sí i. Ẹ wo òfin ẹgbẹ́ yín ná o, àwọn míì fẹ́ kẹ́ ẹ ti fi tó ọmọ ẹgbẹ́ létí ṣáájú. Inú mínìtì oṣù kẹfà lẹ máa kọ ọ́ sí, báyìí:

"Àtúnṣe sí mínìtì 9 oṣù kẹta, ojú ewé 14, ìpínrọ̀ 6: níbi tá a kọ ₦150,000 sí, ₦115,000 ni ká kà. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó àti ìwé tirẹ́sọ̀ jẹ́rìí sí i. Tirẹ́sọ̀ dá àbá, igbákejì alága kín in lẹ́yìn, ilé fọwọ́ sí i."

Ẹ kọ ti àtijọ́ àti tuntun pọ̀, ẹni tó bá kọ "a ti tún iye owó ṣe" lásán ò tíì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sójú ewé 14, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé pé "Wo àtúnṣe, ìpàdé 8 oṣù kẹfà, ojú ewé 23", kí alága àtakọ̀wé sáìnì, kẹ́ ẹ kọ déètì. Báírò pupa ni mo máa ń lò, búlúù náà ò burú, àmọ́ pẹ́ńsùlù kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí típẹ́ẹ̀sì, kò sí pé ẹ lẹ bébà mọ́ ọn lórí, kẹ́ ẹ má sì ya ojú ewé: ohun tí ọ̀dítọ̀ máa kọ́kọ́ bèèrè ni ohun tó wà lábẹ́ funfun yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣí fáìlì oṣù kẹta láti yí i padà. Èyí tẹ́ ẹ ti sáìnì lẹ máa fi báírò kọ etí ẹ̀. Tí ẹ̀dà kan bá sì ti dé báǹkì, ẹ mú ẹ̀dà ojú ewé 23 lọ bá wọn.