Bí a ṣe ń sin ọmọ tata àti ìdin ewé ọsàn láti rí bí họ́mónù ṣe ń darí bíbọ́ awọ

Bí ọyẹ́ bá ti ń súnmọ́, tí ẹ bá gba ọ̀nà oko láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, ẹ ó rí àwọn ọmọ tata dúdú wẹ́wẹ́ tó ní tóótòòtó funfun àti yẹ́lò lára, tí wọ́n ṣùjọ sórí ewé Akíntọ́lá àti ewé ẹ̀gẹ́. Ẹ wo igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé náà. Lórí ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rúwé, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìdin kan tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Ọmọ labalábá ńlá dúdú-òun-yẹ́lò tó máa ń fò káàkiri igi ọsàn ni. Ẹ mú méjèèjì wálé. Tata yóò fi ìparadà aláìpé hàn yín, níbi tí ọmọ ti ń di àgbà díẹ̀díẹ̀; ìdin yóò fi ìparadà pípé hàn, níbi tó ti ń gba ìpele ìsinmi kọjá kó tó di àgbà; họ́mónù kan náà ló sì ń darí àwọn méjèèjì.

Rọ́bà pẹ́ńtì onílítà ogún méjì ló máa tó yín, kí ẹ fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Ẹ to bébà sí ìsàlẹ̀ wọn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu wọn, kí ẹ sì fi okùn rọ́bà dè é. Ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú kéré igi yìí, nítorí ibẹ̀ ni tata yóò ti sorí kọ́ láti bọ́ awọ. Ààyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta gígùn kòkòrò náà lọ. Ọmọ tata márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó fún rọ́bà kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ọ̀kan lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, kí ara rẹ̀ ṣì rọ̀, kí àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e jẹ. Ẹ máa pààrọ̀ ewé láràárọ̀. Ewé tí wọ́n ti fín oògùn kòkòrò sí kò dára rárá, àní bí ẹ bá tiẹ̀ fọ̀ ọ́.

Awọ òde kòkòrò ló dúró fún egungun rẹ̀, kì í sì í fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ní láti bọ́ ọ. Bí àsìkò bá tó, ọpọlọ yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí kókó kékeré kan tó wà níwájú àyà, kókó náà yóò sì da họ́mónù tó ń jẹ́ ẹ́kídáísónì sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń sọ pé, “Bọ́ awọ.” Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń sọ ohun tí kòkòrò náà yóò dà lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ tán. Kókó méjì mìíràn tó wà lẹ́yìn ọpọlọ ló ń tú họ́mónù èwe jáde. Bí họ́mónù èwe bá pọ̀ nígbà tí ẹ́kídáísónì dé, ọmọ yóò tún jẹ́ ọmọ, á kàn tóbi sí i ni. Bí kò bá sí, yóò di àgbà. Vincent Wigglesworth, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ló fi èyí hàn ní àwọn ọdún 1930. Ó gé orí ọmọ kòkòrò kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì so ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti èyí tó ti fẹ́ di àgbà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì dàpọ̀, ọmọ kékeré náà sì bọ́ awọ di àgbà ràrá kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Nínú rọ́bà tata, ẹ ó rí i pé ìgbà mẹ́fà ni ọmọ máa ń bọ́ awọ láti ìgbà tó ti jáde nínú ẹyin títí tó fi di àgbà, ó sì lè gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Apá rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Níbẹ̀rẹ̀, kò ju ìpẹ́ ẹja kékeré tó kọjú sílẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ku ẹ̀ẹ̀mejì tí yóò bọ́ awọ, ìpẹ́ náà á yí padà, á kọjú sókè sẹ́yìn. Láti òde ni apá tata ti ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, kì í sì í gba ìpele ìsinmi kankan kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni họ́mónù èwe máa ń tán nínú rẹ̀, ìyẹn kí ó tó bọ́ awọ ìkẹyìn.

Bí ọjọ́ bíbọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò dẹ́kun jíjẹun, yóò sì sorí kọ́ sábẹ́ igi. Ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì láti fẹ ara rẹ̀ ni. Awọ á là ní ẹ̀yìn, àyà á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà orí, ẹsẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù lọ. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án rárá. Bí ọyẹ́ bá mú gan-an, awọ àtijọ́ lè gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù sí orí nẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ kan láti dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi kán sínú.

Ti ìdin ọsàn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó jáde nínú ẹyin lónìí. Ìgbà mẹ́rin ni yóò bọ́ awọ ní ipò ìdin láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì sábà máa ń jẹ awọ tó bọ́. Lẹ́yìn ìkẹrin, á di ewé tútù ní àwọ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo méjì aláwọ̀ osùn sókè, òórùn rẹ̀ á sì gbòde. Kò sí apá kankan lára rẹ̀ lóde, nítorí inú ni èèhù apá wà.

Lọ́jọ́ kan, ìdin tó ń jẹun bí iná yóò dákẹ́. Yóò yàgbẹ́ olómi kan, yóò sì máa rìn kiri rọ́bà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ó ṣàìsàn, wọn a sì dà á nù. Kò ṣàìsàn. Họ́mónù èwe ti wálẹ̀ gan-an, ẹ́kídáísónì díẹ̀ sì ti dé. Ohun tó ń bọ̀ kì í ṣe ìdin mọ́. Yóò fi òwú so ara rẹ̀ mọ́ igi bí ẹni tó ró ọ̀já, ẹ́kídáísónì ńlá á dé lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, awọ á bọ́, píúpà, ìyẹn ìpele ìsinmi tó wà láàárín ìdin àti labalábá, á sì hàn. Nínú píúpà yìí, ẹ́kídáísónì tún ń padà wá nígbà tí kò sí họ́mónù èwe mọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni labalábá ń jáde. Ohun tí tata ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdin ṣe é.

Bí ẹ bá rí ihò róbótó lára píúpà tó ti gbẹ, agbọ́n wínníwínní ló ti jẹ ẹ́ láti inú. Kì í ṣe àṣìṣe yín. Ṣùgbọ́n bí labalábá bá jáde tí apá rẹ̀ ká kò, ẹ wò ó bóyá ó rí ibi tó ga tó láti gùn kó lè na apá sísàlẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni apá ń le. Kókó tó ń ṣe ẹ́kídáísónì máa ń rà dànù lára àgbà, nítorí náà apá tó bá ti le ní kíká, bó ti rí nìyẹn títí lọ.