Bí mo ṣe tún ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ mi ṣe níwájú kọ́sítọ́mà

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń wá iṣẹ́ lébẹ́ẹ̀lì yíyà, iléèwé tí mo lọ àti sọ́fítíwià tí mo mọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kọ́sítọ́mà á ti máa wo fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá l'Ádó-Èkìtì, mo lọ bá màmá kan tó ń ta gàrí, mo gbé ọ̀rá gàrí wọn sórí tábìlì, mo ní: "Ẹ káàárọ̀ mà, lébẹ́ẹ̀lì ọjà oúnjẹ ni mo máa ń yà. Ẹnì kan tó ń ta èlùbọ́ n'Íkẹ̀rẹ́, orúkọ ọjà ẹ̀ kéré gan-an, mo sọ ọ́ di ńlá, mo dín àwọ̀ 5 kù sí 2, owó ìtẹ̀wé sì wálẹ̀. Mà, ibo làwọn èèyàn ti ń kọ́kọ́ rí gàrí yín?" Mo dákẹ́. Màmá ní ìsàlẹ̀ àtẹ ni, mo bá yọ sáńpù lébẹ́ẹ̀lì mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá yẹn. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ṣílẹ̀kùn. Mo ti fi fóònù ka àkókò ọ̀rọ̀ yìí nílé, kò tó ìṣẹ́jú kan.