Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú wíwá líǹkì fún sáìtì oníṣòwò kaṣú

Bí àsìkò kaṣú bá ti wọlé, ìbéèrè kan ló máa ń gba ẹnu àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀ ní Kàbà, Ìyàrà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀: èló ni kílò báyìí? Oníṣòwò tó ní sáìtì, tó sì lè dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tó ṣe é gbára lé, ti ní ohun tí sáìtì àwọn ẹlòmíràn á fẹ́ fi líǹkì tọ́ka sí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń fi èyí sílẹ̀, tí a ń lọ ra líǹkì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹnì kan á kọ í-meèlì sí yín pé òun á gbé líǹkì yín sí ọgọ́rùn-ún sáìtì lówó pọ́ọ́kú. Òfin Google kò gbà kí a sanwó fún líǹkì láti fi gbé sáìtì sókè nínú àbájáde ìwárí rẹ̀. Kò gba àṣejù nínú «tọ́ka sí mi kí n tọ́ka sí ọ» náà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2012 tí wọ́n ti gbé ètò Penguin jáde ni wọ́n ti ń le mọ́ irú líǹkì bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn wọn ò ní kà á rárá, owó yín á sì wọmi. Nígbà mìíràn òṣìṣẹ́ wọn á fìyà jẹ sáìtì náà, ẹ ó sì rí ìkìlọ̀ rẹ̀ lábẹ́ `Manual actions` nínú Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn onísáìtì. Ìpolówó fúnra rẹ̀ kò burú. Bí ẹ bá sanwó fún un, kí líǹkì náà ní àmì tó sọ bẹ́ẹ̀:

```html
<a href="https://..." rel="sponsored">
```

Àṣìṣe kejì ló ń ká mi lára jù, torí pé àwọn tó ń ṣe é ti ṣiṣẹ́ gidi. Wọ́n ti dé ọjà, wọ́n ti béèrè owó, ṣùgbọ́n wọn ò sọ bí wọ́n ṣe rí i. Ká ní ọjà mẹ́rin lẹ ń kọ iye owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi mudu ta kaṣú, ẹlòmíràn ń gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mudu ọjà kan lè tóbi ju ti ọjà kejì lọ, àwọn kan sì máa ń bù ú kó ga lórí, àwọn kan á fọwọ́ ré e. Bí ẹ bá to owó mudu Kàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀gbẹ̀ lásán, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ ra mudu kan, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá fi iye kílò rẹ̀ pín owó tí ẹ san. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá kóró náà ti gbẹ, torí tútù máa ń wúwo jù.

Ẹ má sì gba owó lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Ká ní àwọn mẹ́ta dáhùn: ₦1,400, ₦1,500 àti ₦2,300. Bí ẹ bá rò ó pọ̀ tí ẹ pín in sí mẹ́ta, ₦1,733 ló máa jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ń tà á ní iye yẹn. Èyí tó wà láàárín, ₦1,500, ló sún mọ́ ohun tí ọjà ń sọ. Ẹ kọ gbogbo ìlànà yìí sísàlẹ̀ tábìlì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbà á.

Kí tábìlì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè dà kọ. Ẹ má fi ṣe fọ́tò tí a ń pín lórí Wásáàpù. Kí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ `/iye-owo-kasu`, kó má yí padà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń ṣí `/kasu-2024`, `/kasu-2025` ń fọ́n líǹkì rẹ̀ ká. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi `301`, ìyẹn ìdarí ayérayé, darí àwọn ti àtijọ́ sí èyí tó dúró.

Àṣìṣe kẹta wà nínú lẹ́tà tí a fi ń wá líǹkì. Lẹ́tà kan náà sí igba èèyàn, «ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wa ní líǹkì», pàǹtí ni lójú ẹni tó gbà á. Ẹ wá oníròyìn tàbí olùkọ́ yunifásítì tó ti kọ̀wé lórí kaṣú Kogí, ẹ ka iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ irú èyí sí i:

«Ẹ kú iṣẹ́ o. Iye owó tó wà ní ìpínrọ̀ kẹta ọ̀rọ̀ yín lórí kaṣú jẹ́ ti èṣí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń gba ti ọjà mẹ́rin sílẹ̀. Tábìlì rẹ̀ àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ àkọsílẹ̀ kíkún, a ó fi ránṣẹ́.»

Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ fi ṣe líǹkì fún un. Ọ̀pọ̀ ò ní dáhùn. Ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ìwé ìròyìn bá fi `nofollow`, àmì tó ń sọ fún Google pé kó má fi líǹkì náà gbé sáìtì yín sókè, sí líǹkì yín, ẹ má bá wọn jà. Àwọn òǹkàwé á ṣì gba ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín.

Tí ẹ bá wá rí i pé ẹ ṣi iye owó kan kọ, ẹ tún un ṣe lójú ewé náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí `Links` nínú Search Console, ẹ wo àwọn sáìtì tó tọ́ka síbẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n lè tún tiwọn ṣe.