Bí a ṣe ń tú ìwé ilé ìwòsàn Lárúbáwá fún dókítà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì

Ká sọ pé àìsàn gbé Alájì kan dè ní Mẹ́kà, ó sì mú ìwé tí ilé ìwòsàn fún un bọ̀ wálé. Dókítà rẹ̀ n'Ìbàdàn ò gbọ́ Lárúbáwá, ìwọ tó o kọ́ kéwú ni wọ́n gbé e fún. Ìlà méjì tó le jù níbẹ̀ rèé:

```
جلطة قلبية، قسطرة وتركيب دعامة ١٤/١٢/١٤٤٥ هـ
بيسوبرولول ٢٫٥ مجم قرص ٨ ص
```

Ọjọ́ ni kó o kọ́kọ́ mú. هـ ń sọ pé ọdún Híjírà ni. Ká ní م ló wà níbẹ̀, ọdún òyìnbó nìyẹn. Nítorí náà, oṣù kejìlá yìí kì í ṣe Dìsẹ́ńbà, oṣù Hájì ni, ọjọ́ náà sì bọ́ sí 20 Júùnù 2024. Kàlẹ́ńdà Ummul-Kura ti Saudi ni kó o fi yí i sí ọjọ́ òyìnbó, torí oṣù lè yọ lọ́jọ́ mìíràn ní Nàìjíríà. Ọjọ́ yìí ni dókítà á fi ka ìgbà tí aláìsàn máa dáwọ́ dúró nínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bó o bá kọ Dìsẹ́ńbà, o ti fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan جلطة. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ni, àmọ́ ó lè jẹ́ ti ọkàn, ti ọpọlọ tàbí ti ẹsẹ̀. قلبية tó tẹ̀ lé e ló sọ pé ọkàn ni. Ká ní دماغية ni, ọpọlọ nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Tó bá dá wà, má méfò, kọ ọ́ pé ìwé ò sọ ibi tó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni قسطرة: ó lè jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n tì gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. دعامة ló yanjú tiwa, ìyẹn àwọ̀n irin kékeré tí wọ́n fi ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ là.

Ìlà oògùn ló ń ṣini lọ́nà jù. ٥ jọ òdo òyìnbó, bẹ́ẹ̀ márùn-ún ni. Òdo tiwọn, àmì tótó kan lásán ni. Àmì ٫ ló ya méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ìdajì. Tí ìǹkì rẹ̀ bá ti ṣá, 2.5 á di 25. Oògùn yìí kì í sábà kọjá miligíráàmù 10 lóòjọ́, nítorí náà, tó o bá rí 25, padà wo ìwé náà dáadáa. مجم ni miligíráàmù. Àwọn mìíràn ń kọ ملجم tàbí ملغ. Ṣùgbọ́n tí ك bá wà láàárín, مكجم, máíkírógíráàmù ni, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ń jẹ́ miligíráàmù kan. قرص ni hóró kan. ص lẹ́yìn aago ni àárọ̀, م sì ni ìrọ̀lẹ́: م kan náà tó ń tọ́ka sí ọdún òyìnbó tẹ́lẹ̀, ibi tó wà ló ń sọ èyí tó jẹ́.

Ohun tí dókítà máa gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí:

```
Myocardial infarction; catheterisation and stent, 20 June 2024
Bisoprolol 2.5 mg, 1 tablet, 8 am
```

So ẹ̀dà ìwé Lárúbáwá náà mọ́ ọn, kó o sì fa ìlà sábẹ́ ibi tí o ò rí kà.