Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ má tètè dárúkọ iye tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ipò náà, àti iye wákàtí. Iṣẹ́ atúpalẹ̀ ààbò wákàtí 12 fún òru 18 lóṣù jẹ́ wákàtí 216. Iṣẹ́ ìrànwọ́ kọ̀ǹpútà wákàtí 8 fún ọjọ́ 22 jẹ́ 176. Bí owó atúpalẹ̀ ààbò kò bá fi bíi 23% ju tọ̀hún lọ, owó wákàtí kan kò lé kankan, ká má tíì sọ ti oorun.

Ẹ gba iṣẹ́ ìrànwọ́ bí ẹ ó bá máa fọwọ́ kan àṣẹ ìwọlé àti ímeèlì ẹ̀tàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti ibẹ̀ bọ́ sí ẹ̀ka ààbò rí. Bí owó kò bá sún, ẹ ní kí wọ́n kọ àtúnyẹ̀wò owó lẹ́yìn oṣù 6 sínú ìwé.