Wọ́n ń bèèrè ínfọ́ìsì ọdún 2019, mi ò rí i nínú kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Aṣàyẹ̀wò ìwé owó ń bèèrè ínfọ́ìsì ẹ̀rọ kan tí a rà lóṣù kẹta ọdún 2019, tí a sì tà lọ́dún 2023. Ṣé ọdún mẹ́fà tó yẹ ká fi tọ́jú ìwé ò tíì pé ni? Mo ti sikáànù gbogbo ìwé wa, àmọ́ tí mo bá tẹ orúkọ ẹni tó tà á fún wa, kò sóhun tó ń jáde.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ ọ́ nù o. Ọjọ́ tó wà lórí ínfọ́ìsì kọ́ la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, ìparí ọdún ìṣírò owó tí ìwé náà kàn ni. Iye ọdún sì yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: 6 ni fún ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 8 ni fún ínfọ́ìsì ní Jẹ́mánì báyìí. Ẹ bi oníṣirò owó yín léèrè èyí tó kàn yín.

Ti ẹ̀rọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tí ẹ rà á la ó yọ kúrò nínú iye tí ẹ tà á ká tó mọ èrè tàbí àdánù, nítorí náà ọdún títà ló ṣe pàtàkì. Bí ọdún yín bá ń parí ní oṣù Kejìlá, tí òfin sì ní 6, ìparí 2023 la ó ti kà á, ó di ìparí 2029 kí ẹ tó lè sọ ọ́ nù.

Ní ti wíwá, ó jọ pé àwòrán lásán ni sikáànù yín gbé sílẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ gbìyànjú láti fi máòsì yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí kò bá ṣeé yàn, kọ̀ǹpútà ò rí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí á ka àwọn lẹ́tà náà sínú ẹ̀dà tuntun, fáìlì àkọ́kọ́ á wà bó ṣe wà:

```
ocrmypdf --skip-text scan0012.pdf 2019-03-14_olutaja_4471.pdf
```

Ó máa ń ṣi 0 kà sí O, pàápàá lórí ìwé tó ti ṣá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọjọ́, orúkọ olùtajà àti nọ́ńbà ínfọ́ìsì sínú orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀. Ọdún ló ṣáájú, kí wọ́n lè tò tẹ̀lé ara wọn.

Ìbéèrè: Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni fódà mi wà, ó ń bá kọ̀ǹpútà mi dọ́gba. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, á pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ẹ fi ẹ̀dà kan kún un sórí díísìkì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ẹ máa ń yọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà á sí i, tí kò sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ mú ínfọ́ìsì kan láti inú díísìkì náà, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀. Bí kò bá ṣí, ẹ da gbogbo fáìlì inú kọ̀ǹpútà sórí díísìkì mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an.