Bí mo ṣe tú èlé orí gbèsè oníbàárà kan wò

Oníbàárà wa kan pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ò dùn. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti san ìdajì owó yìí láti ìparí oṣù Kẹrin. Kí ló dé tí èlé yín ò tètè dínkù?" Ìwé àkáǹtì tá a fi ránṣẹ́ sí i ka èlé sí 17,356.80 títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ó sì fi owó ìtanràn 14,600 kún un.

Mi ò kọ́kọ́ wo ìṣirò yẹn rárá. Àdéhùn ni mo mú jáde, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ wa láti gba èlé ti wá. Ojú owó jẹ́ 730,000, ó sì yẹ kó wọlé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Èlé jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọjọ́ 365 la fi ń pín in, ọjọ́ kejì gbèdéke ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Ìtanràn jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré. Èlé ò gbọdọ̀ gun ìtanràn. Owó tí oníbàárà bá sì san, ojú owó ló máa kọ́kọ́ dín.

Ìdá 2 nínú 730,000 jẹ́ 14,600, nítorí náà ìtanràn tọ̀nà. Ó ku èlé. Mo ṣírò ti ọjọ́ kan péré:

```
730,000 × 12 ÷ 100 ÷ 365 = 240
```

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé báǹkì. Òótọ́ ni oníbàárà sọ: 365,000 wọlé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Nítorí náà, 240 la ó gbà fún ọjọ́ 30, ìyẹn 7,200. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ó di 120 lóòjọ́ fún ọjọ́ 61, ìyẹn 7,320. Àpapọ̀ èlé jẹ́ 14,520, a sì ti gbé 2,836.80 lé e lórí.

Ibo ni owó yẹn ti wá? Mo lọ wo ọjọ́ tá a kọ 365,000 náà sínú àkáǹtì wa, mo sì bá ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún níbẹ̀. Ogún ọjọ́ lowó ti wà ní báǹkì, tí àkáǹtì ṣì ń ka gbogbo gbèsè bíi pé a ò rí nǹkan kan gbà. Ogún ọjọ́ lọ́nà 120 jẹ́ 2,400. Mo rò pé mo ti rí i tán, àmọ́ 436.80 ṣì ṣẹ́ kù. Mo fi ọjọ́ 91 tí gbèsè ti pẹ́ pín in, ó di 4.80 lóòjọ́, èyí tó jẹ́ èlé lórí 14,600 gan-an. Wọ́n ti to ìtanràn mọ́ ojú owó nínú kọ̀ǹpútà. Ó dùn mí, torí pé ẹni tí ò bá fi ọjọ́ pín in ò ní rí i láé.

Mi ò pa ìlà àtijọ́ kankan rẹ́. Mo kọ ìwé àdápadà 2,836.80, mo kọ ìdí méjèèjì sí i lára, mo sì ya ìtanràn kúrò lára ojú owó. Gbèsè tó kù di 394,120. Mo wá bẹ oníbàárà, mo sì ṣàlàyé fún un pé láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, 120 ṣì ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́ títí tí ìyókù ojú owó yóò fi wọlé.